Ọmọ oṣù márùn-ún tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ibi tó dúró sí ni wọ́n á ti mú un lọ

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọkùnrin mi pé oṣù márùn-ún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fún un n'Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì tí mo bí i nìkan ló gbà. Lẹ́yìn ìkómọ mo lọ sọ́dọ̀ màmá mi lóko lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, bí mi ò ṣe lọ mọ́ nìyẹn. Káàdì ẹ̀ ti sọnù. Àwọn kan ní wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní wọn ò ní gbà mí mọ́. Màmá mi ní ara ọmọ le, kí n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ káàárọ̀ o, ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Kò tíì pẹ́ jù rárá. Wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibi tó dúró sí ni wọ́n á ti mú un lọ, kò dẹ̀ sí ẹni tó láṣẹ láti lé yín padà torí pé ẹ pẹ́ dé. Ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá padà sí Ìbàdàn, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba tó bá sún mọ́ yín jù níbẹ̀ ti tó, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń lò káàkiri, ọ̀fẹ́ dẹ̀ ni.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi jókòó nídìí kúlà abẹ́rẹ́ ọmọ, mo dẹ̀ mọ bí àwọn ìyá tó pẹ́ dé ṣe máa ń ṣe. Wọ́n á dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì, wọ́n á pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n á kọ́kọ́ yọjú wo nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bóyá ẹni tó máa ń pariwo ni. Ìyá kan wà tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ní òun gbé ọmọ oṣù mẹ́rin lọ síbì kan, wọ́n bú òun lójú gbogbo èèyàn, òun ò dẹ̀ padà lọ mọ́ títí ọmọ fi pé ọdún kan àti ààbọ̀. Ó dùn mí gan-an, torí pé ọjọ́ tó lọ yẹn ló yẹ kí ọmọ yẹn gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún yín, kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ lè béèrè tí wọ́n bá fo nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ "wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀" yẹn, mo mọ ibi tó ti wá. Àwọn èèyàn rò pé abẹ́rẹ́ àjẹsára dà bí oògùn ibà tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta, pé tí èèyàn bá fo ọjọ́ kejì, èyí tó kọ́kọ́ lò ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ń ṣe ni pé ó ń fi ojú àrùn han ara ọmọ, àwọn tó ń ṣọ́ ara nínú ẹ̀jẹ̀ á wo ojú yẹn dáadáa, díẹ̀ nínú wọn á dẹ̀ mú un dání fún ọdún gbọọrọ. Tí èkejì bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á dá ojú yẹn mọ̀, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á le sí i. Tó bá jẹ́ oṣù mẹ́fà ló tó dé, wọ́n á ṣì dá a mọ̀. Torí náà, ọmọ tó bá ti gba ẹ̀kíní ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò wá padà wá títí oṣù mẹ́jọ, èkejì la máa fún un lọ́jọ́ tó bá dé, a ò ní pa ẹ̀kíní rẹ́. Ohun tí pípẹ́ ń ṣe ni pé ní gbogbo àsìkò tó wà láàárín yẹn, ààbò ara ọmọ ṣì fẹ́lẹ́, àrùn tó bá bá a pàdé nígbà yẹn lè gbé e ṣánlẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù sọ èyí fún màmá yín, torí irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ara ọmọ le lóòótọ́ lójú wọn. Nígbà tí ẹ wà nínú oyún, lára ààbò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiyín gba inú olóbi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, òun ni ọmọ ń jẹ ní oṣù mélòó kan tó kọ́kọ́ lò láyé. Ṣùgbọ́n ó ń tán ni, oṣù kọ̀ọ̀kan ló ń dín kù, ọmọ oṣù márùn-ún ò dẹ̀ tíì ní tara ẹ̀ tó máa dípò ẹ̀. Ikọ́ líle kan wà tí ọmọ máa ń wú ní àwútúnwú títí ojú á fi pọ́n, tí kò ní rí èémí fà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ló ń pa jù, pàápàá àwọn tí oṣù wọn kéré. Difitẹ́ríà náà wà, èyí tí nǹkan funfun bí awọ máa ń bo ọ̀nà ọ̀fun títí ọmọ ò fi ní lè mí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò pé ó ti lọ, àfi ìgbà tó bẹ́ sílẹ̀ lágbára ní Kánò lọ́dún 2023, ó dẹ̀ dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí a ń pè ní pẹ́ńtà ló ń dènà méjèèjì yìí, pẹ̀lú ipá, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì Bíì, àti kòkòrò kan tó máa ń fa yírunyírun fún ọmọ kékeré. Márùn-ún nínú ìgò kan, ìdí tó fi ń jẹ́ pẹ́ńtà nìyẹn. Ọmọ yín ò tíì gba pẹ́ńtà kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ káàdì. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo èjìká òsì ọmọ, lápá òkè. Tí ẹ bá rí ojú àpá kékeré kan, tó rí bí ibi tí ìléròrò ti jinná, àpá bíísíjì nìyẹn, abẹ́rẹ́ ikọ́ fée tí wọ́n fún un n'Ìbàdàn. Ó máa ń wú díẹ̀, á yọ ọyún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á wá gbẹ, á fi àpá sílẹ̀. Tí ẹ ò bá rí àpá, kò túmọ̀ sí pé kò gbà á, àpá kì í yọ lára ọmọ mìíràn. Nítorí náà ẹ pe ẹnì kan n'Ìbàdàn kó bá yín dé ibi tí ẹ bímọ sí, rẹ́jísítà ńlá kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ìyá, ọjọ́ ìbí àti ohun tí wọ́n fún ọmọ sí, ọjọ́ tí ẹ bí i ni wọ́n fi máa wá a, kí ẹni yẹn fi fóònù ya ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí yín. Tí ìyẹn bá yá, ó dáa. Tí kò bá yá, ẹ má torí ẹ̀ dúró o. Ẹ lọ láìsí káàdì, wọ́n á kọ tuntun fún yín, ohun tí kò bá ti sí lákọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dẹ̀ lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á kà á sí pé ọmọ ò gbà á. Kò séwu nínú kí ọmọ gba pẹ́ńtà kan lé. Ewu wà nínú kó má gba tó.

Àwọn tí ọmọ wọn ò tíì gba bíísíjì rárá náà ń ka èyí, ẹ gbọ́ o, wọ́n ṣì ń fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì ni bóyá kòkòrò éèdì wà lára ìyá tàbí ọmọ, torí pé ẹ̀dá alààyè tí wọ́n ti sọ agbára ẹ̀ di yẹpẹrẹ ló wà nínú bíísíjì, wọ́n máa ní láti mọ ipò tí ara ọmọ wà kí wọ́n tó fún un.

Àwọn nǹkan méjì kan wà tí àsìkò wọn máa ń kọjá fún ọmọ tó bá pẹ́, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ tí wọ́n máa ń fún ọmọ ọjọ́ kan, tí a ń pè ní òdo, àti abẹ́rẹ́ hẹpatáítìsì ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni àwa ń fún ọmọ ní méjèèjì nílẹ̀ yìí, tó bá ti kọjá a kì í padà sẹ́yìn lọ mú un, orí ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la máa gbà lọ, torí hẹpatáítìsì wà nínú pẹ́ńtà, ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ náà á dẹ̀ tún dé lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ tiyín ti gba tiẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n sọ fún nígbà oyún pé hẹpatáítìsì Bíì wà lára òun, tí ọmọ ẹ̀ ò gba ti ọjọ́ ìbí, kó sọ ọ́ fún dókítà, wọ́n á ṣáà fún ọmọ ní pẹ́ńtà, wọ́n á wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò tó bá ti gba gbogbo ẹ̀ tán.

Èyí tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ẹ̀ máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni rótà, èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu fún ìgbẹ́ gbuuru. Nílẹ̀ yìí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022. Àjọ ìlera àgbáyé ní ọmọ tó pẹ́ lè gbà á títí tó fi máa pé ọdún méjì, torí pé ní ìlú bíi tiwa, ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ gan-an, àǹfààní ẹ̀ ju ewu ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tó sọ fún yín pé wọ́n kọ̀ láti fún ọmọ tòun, kì í ṣe irọ́. Ní Ìlú Ọba, tí ọmọ bá ti pé ọ̀sẹ̀ 15 láìgba ẹ̀kíní, wọn ò ní fún un mọ́, tó bá dẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 24, wọn ò ní fún un ní èyíkéyìí nínú ẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ìfun ọmọ lè ki bọ inú ara wọn lẹ́yìn rótà, ó dẹ̀ rọrùn fún wọn láti yẹra fún un níbi tí ìgbẹ́ gbuuru kì í ti í pa ọmọ bíi tiwa. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìlú kejì dẹ́rù bà yín, ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yín tààrà pé "ṣé ọmọ mi ṣì lè gba rótà?", kó dáhùn.

Ó wá kù ọjọ́ tí ẹ máa lọ gan-an. Ẹ jẹ́ ká fi déètì sí i kó yé yín. Ká ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Júùnù 2025 lẹ bí i, ẹ dẹ̀ gbé e dé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ní Túsìdeé, 11 Nòfẹ́ḿbà. Tó bá ṣe pé ẹ ń lọ déédéé ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á bọ́ sí 17 Júláì, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá á bọ́ sí 14 Ọ́gọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá á bọ́ sí 11 Sẹ̀tẹ́ḿbà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọjá lọ. Lọ́jọ́ 11 Nòfẹ́ḿbà yẹn, nọ́ọ̀sì ò ní wo oṣù márùn-ún tí ọmọ jẹ́ kó wá fún un ní ti oṣù márùn-ún, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa fún un, gbogbo ẹ̀ pátá, lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni: pẹ́ńtà sí itan òsì, abẹ́rẹ́ òtútù àyà sí itan ọ̀tún, abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ sí itan ọ̀tún yẹn kan náà níbi tó jìnnà díẹ̀ sí èkejì, ó tó ìwọ̀n ìka méjì. Ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ méjì sórí ahọ́n. Rótà náà sẹ́nu.

Mo mọ̀ pé tí ẹ bá gbọ́ abẹ́rẹ́ mẹ́ta, àyà yín á já. Ibí gan-an ni ọmọ tó pẹ́ ti máa ń pàdánù jù, torí pé ìyá á ní "nọ́ọ̀sì ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní ẹyọ kan lónìí, màá padà wá gba ìyókù," àánú á ṣe nọ́ọ̀sì, á fún un ní ẹyọ kan, ìyá ò ní padà wá. Ara ọmọ ò ní kún jù. Kòkòrò àrùn tí ọmọ yín ń gbé sẹ́nu láti orí ẹní lójúmọ́ kan ju ohun tó wà nínú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ fíìfíì. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ gbé e jókòó sórí itan yín, kí àyà ẹ̀ kọjú sí tiyín, kí ẹ fi apá kan gbá apá ẹ̀ méjèèjì mọ́ra, kí ẹ fi ìkejì di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú lẹ́yìn orúnkún kó má ta á. Wọ́n á kọ́kọ́ kán tẹnu, ìyẹn máa ń dùn, kì í jẹ́ kó bínú. Tó bá ti kan abẹ́rẹ́, ẹ fi ọmú sí i lẹ́nu kí wọ́n tó gún un, ẹ má dẹ̀ yọ ọ́ títí wọ́n á fi ṣe tán. Igbe ẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan méjì lọ. Ẹ wá jókòó síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó máa lọ, kí wọ́n lè rí i tí ojú ẹ̀ bá wú tàbí tí mímí ẹ̀ bá yí padà, kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni oògùn ẹ̀ wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gééré, Túsìdeé 9 Dìsẹ́ḿbà: pẹ́ńtà èkejì, òtútù àyà èkejì, ẹ̀kán rọpárọsẹ̀, rótà. Ọmọ á dẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà lọ́jọ́ 5, nítorí náà wọ́n á bẹ́ orí fítámì Éè fún un, wọ́n á fún un sẹ́nu, ẹ rán wọn létí tí wọ́n bá gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn, 6 Jánúárì 2026: pẹ́ńtà ẹ̀kẹta, òtútù àyà ẹ̀kẹta, ẹ̀kán, rótà, àti abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ èkejì, torí ìyẹn fẹ́ àlàfo tó gùn ju ti àwọn yòókù lọ, bó ṣe jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá la máa ń fún ọmọ tó bá ń wá déédéé, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ yẹn ọmọ jẹ́ oṣù méje, ó ti gba ohun gbogbo tó yẹ kó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ní 5 Máàṣì tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, á tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ẹ̀yi, ti ibà pọ́njú àti ti yírunyírun, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó pẹ́ rí. Ẹ̀yi èkejì di oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Sẹ̀tẹ́ḿbà.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gééré. Ìyá tó bá ti pẹ́ máa ń fẹ́ sáré, á ní kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kó lè bá wọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí àlàfo bá gùn, kò sí nǹkan tó bàjẹ́, àmọ́ tó bá kúrú ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ara ọmọ ò tíì parí iṣẹ́ tó ń ṣe lórí ti àkọ́kọ́, èkejì ò ní lágbára, a máa ní láti tún un fún un. Lórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ, àlàfo tó kúrú jù ló ń bà á jẹ́, èyí tó gùn jù kì í bà á jẹ́.

Nǹkan mìíràn tó máa ń bí àwọn ìyá nínú: ẹ débẹ̀, wọ́n ní kí ẹ padà wá ní Tọ́sìdeé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé èwo ni kò sí lónìí. Ìgò bíísíjì, tí wọ́n bá ti po ó, ogún ọmọ ló wà nínú ẹ̀, ti ẹ̀yi jẹ́ ọmọ mẹ́wàá, láàárín wákàtí mẹ́fà tí wọ́n bá ti ṣí i wọ́n gbọ́dọ̀ da ìyókù nù. Nítorí náà ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà ń kó ọmọ jọ sí ọjọ́ kan kó má baà ṣòfò. Ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n pẹ́ńtà àti àwọn tó kù tí ọmọ yín nílò báyìí ò rí bẹ́ẹ̀, ìgò wọn lè wà nínú fíríìjì láti ọjọ́ yìí dé ọjọ́ mìíràn tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá ní òtútù àyà ti tán, kí wọ́n fún un ní pẹ́ńtà àti ti rọpárọsẹ̀ tó wà nílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí káàdì pé òtútù àyà ló kù. Ẹ má gbé ọmọ padà sóko lọ́wọ́ òfo torí ẹyọ kan tí kò sí.

Ẹ má dẹ̀ tìtorí ikọ́, kàtá, eyín tó ń yọ, ìgbẹ́ díẹ̀, tàbí ara tó gbóná fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sọ pé ẹ máa dúró, kò sí èyí tó dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nínú gbogbo ẹ̀. Ọmọ tí a bí kí oṣù tó pé, tàbí tí kò sanra, òun ló tún nílò ẹ̀ jù. Ìgbà tí a máa ń sọ pé kí wọ́n dúró ni tí ọmọ bá ṣàìsàn débi pé ó yẹ kí wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn. Èyí tó sì yẹ kí nọ́ọ̀sì gbọ́ dandan ni tí gìrì bá ti mú ọmọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn pẹ́ńtà kan rí, tàbí tí ojú àti ètè ẹ̀ wú tí mímí le lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan, ìyẹn, dókítà ló máa dá sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ara ẹ̀ lè gbóná, itan lè wú kó le díẹ̀, ó lè máa kùn. Ẹ máa fún un lọ́mú, ẹ bọ́ aṣọ púpọ̀ lára ẹ̀. Ẹ má fi róòbù, epo tàbí omi gbígbóná pa ojú abẹ́rẹ́. Tó bá nílò parasitámọ̀, kí ẹ tó kúrò ní sẹ́ńtà kí wọ́n wọn ọmọ, kí wọ́n kọ iye tó máa lò fún yín, kí ẹ wá wo ara ìgò dáadáa. Torí oríṣi méjì ló wà lọ́jà: omi oògùn tí wọ́n ń fi ṣíbí wọ̀n, tó jẹ́ 120 tàbí 125 mílígíráàmù nínú mílílítà 5, àti èyí tó ní ọ̀pá ìkán, tí ó máa ń jẹ́ 100 nínú mílílítà ẹyọ kan. Tí ẹ bá mú ìgò ìkán yẹn kí ẹ wá fi ṣíbí mílílítà 5 wọ̀n ọ́n, 500 ni ẹ fún ọmọ yẹn, odindi hóró parasitámọ̀ àgbàlagbà kan. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀, ìyá àgbà ló fún ọmọ, wọ́n ò mọ̀ pé ìgò yàtọ̀ síra. Tí ara bá ṣì gbóná kọjá ọjọ́ méjì, tí ọmọ bá sunkún fún wákàtí mẹ́ta tí kò dákẹ́, tí kò mu ọmú, tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgbo.

Ní ti káàdì tuntun, kí ẹ tó dìde níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó gbà, ohun tó kù, àti déètì tí ẹ máa padà wá, kí déètì náà jẹ́ ọjọ́ tí ẹ lè dé láti oko lóòótọ́, tí Túsìdeé bá jẹ́ ọjọ́ ọjà yín ẹ sọ fún wọn, wọ́n á gbé e sí ọjọ́ mìíràn. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọkọ yín àti sí ẹnì kan tó kàwé nínú ẹbí. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi pẹ́, ẹ sọ pé oko lẹ wà, ọmọ gba ti ọjọ́ ìbí nìkan, ẹ wá gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbólóhùn kan yẹn ti tó, ẹ ò nílò ẹ̀bẹ̀. Tí ẹ bá gbà á tán, ẹ fi fọ́tò káàdì náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́, màá bá yín wò ó bóyá wọ́n fo nǹkan.